Àtẹ̀jíṣẹ́ ìránnilétí tí kò bá aláìsàn jà: ohun tí a ṣe ní ilé ìtọ́jú eyín kan ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ilé ìtọ́jú eyín tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò tóbi. Àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, dókítà kan, nọ́ọ̀sì kan, àti ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jókòó síwájú, tó ń gba aláìsàn sílẹ̀, tó sì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn. Ará ìlú nìkan kọ́ ló ń lọ síbẹ̀. Àwọn kan ń ti Ìjẹ̀bú-Igbó wá, wọ́n á gba Òru kọjá. Àwọn kan ń ti Odògbolú àti Ẹ̀pẹ́ wá. Ọkọ̀ kì í sì í gbéra ní gáréèjì àfi tó bá kún, nítorí náà ẹni tó tètè jí náà lè pẹ́ dé.

Pípẹ́ dé yìí àti àìwá rárá ló mú kí dókítà náà gbé òfin kan kalẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ tó gùn yóò san ₦5,000 sílẹ̀, wọn yóò yọ owó náà kúrò nínú owó ìtọ́jú tó bá wá. Tó bá fẹ́ yí ọjọ́ padà, kó sọ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú tó lù. Tó bá pẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, iṣẹ́ ọjọ́ náà kò ní lè pé. Tí kò bá wá, tí kò sì sọ, àsansílẹ̀ náà ti lọ. Mi ò rí ohun tó burú nínú òfin yìí, n kò sì bá wọn yí i padà. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ránṣẹ́ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ pè mí, torí iṣẹ́ mi ni láti máa bá àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké kọ ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí aláìsàn.

Ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀ nìyí, bí ó ṣe wà lójú fóònù:

"ÌKÌLỌ̀! Ẹ ní àdéhùn pẹ̀lú dókítà ní Ọjọ́rú, aago 9 àárọ̀. Bí ẹ bá pẹ́ ju ìṣẹ́jú 15 lọ, a kò ní tọ́jú yín. Bí ẹ kò bá wá, owó yín ti wọgbó. A kò ní gba àwáwí kankan."

Ìyá kan tó ń ta gaàrí ní ọjà Òkè-Ajé ló gba irú rẹ̀. Màmá náà ti wá lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú ìgbà yẹn, kò sì pẹ́ rí. Ọ̀dọ́bìnrin tó wà níwájú sọ fún mi pé ńṣe ni wọ́n máa ń bá a lẹ́nu ọ̀nà tí wọn kò tíì ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú gbòǹgbò eyín kan fún un, ó ku kí wọ́n parí rẹ̀. Nígbà tó rí àtẹ̀jíṣẹ́ yìí, ó ní kí ọmọ ọmọ rẹ̀ kà á fún òun, lẹ́yìn náà ó fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù. Wọ́n jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Kò pariwo rárá. Ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Mo gbọ́ ohun tí ẹ kọ. Mi ò tíì ṣẹ̀, ẹ ti ń dá mi lẹ́jọ́. Ṣé mo jẹ yín lówó ni? Ẹ bá mi kó owó mi jọ, n óò rán ẹnìkan wá gbà á."

Kò sẹ́ni tí kò ní lóye bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dun dókítà. Òun fúnra rẹ̀ pe màmá náà, ó bẹ̀ ẹ́, wọ́n sì yanjú ọ̀rọ̀ náà. Àmọ́ ìbéèrè tó wà nílẹ̀ kò tíì tán, torí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ fún wọn ni pé kí wọ́n wo ẹni tí àtẹ̀jíṣẹ́ náà ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ń rántí àwọn tó já a kulẹ̀: ọkùnrin tó ní òun ń bọ̀ tí kò wá, ẹni tó dé ní aago mẹ́wàá tó sì ní kí wọ́n ṣe òun lóore. Inú sì ń bí i bó ṣe ń kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ àwọn yẹn kọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó máa kà á. Ẹni tó ń bọ̀, tó sì ń bọ̀ lásìkò, ló pọ̀ jù. Òun ló máa ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ náà délẹ̀, òun náà ni ọ̀rọ̀ náà sì máa ń dùn jù. Ẹni tí kò kà á sí tẹ́lẹ̀ kò ní tìtorí "ÌKÌLỌ̀" yí padà. Bóyá kò tilẹ̀ ní ṣí i. Nítorí náà, ẹni tó ń bọ̀ ni kí a kọ̀wé sí. Kí a sọ òfin náà fún un bí a ṣe ń sọ ohun tó yẹ kí àlejò mọ̀ kó tó gbéra nílé.

Èkejì ni pé àtẹ̀jíṣẹ́ náà kò sọ òótọ́. Mo bi nọ́ọ̀sì léèrè pé ìgbà wo ni wọ́n lé ẹni tó pẹ́ padà láì tọ́jú rẹ̀. Ó rò ó, ó ní kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹni tó bá pẹ́, wọ́n á yẹ eyín rẹ̀ wò, wọ́n á dí ihò rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á fún un ní ọjọ́ mìíràn. Kí ló dé tí a fi wá ń kọ "a kò ní tọ́jú yín"? Ẹni tó bá pẹ́ lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ ti mọ̀ pé ẹnu lásán ni, kò sì ní ka èyí tó kù sí mọ́. Nígbà tí a bá sọ ohun tí a ń ṣe gan-an, ọ̀rọ̀ náà á rọ̀, á sì tún rinlẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni mo ní kí dókítà ṣàlàyé fún mi ìdí tó fi jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìdí méjì ló sọ. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti ilé ìwòsàn: irinṣẹ́ gbòǹgbò eyín máa ń wà nínú ìdì tí wọ́n ti fi ooru gbígbóná pa kòkòrò inú rẹ̀. Tí wọ́n bá ti tú ìdì náà sílẹ̀ de aláìsàn tí kò sì wá, wọn ò lè lò ó fún ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀. Àfi kí wọ́n tún fọ̀ ọ́, kí wọ́n tún dì í, kí wọ́n sì tún fi sínú ẹ̀rọ. Ìdí kejì jẹ́ ti aláìsàn fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ gbòǹgbò eyín tó wà lẹ́yìn ẹnu lè gbà tó wákàtí kan àti ààbọ̀. Wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n á dúró kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kú tán, wọ́n á fọ inú gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á dí i. Kò ṣeé fi ìkánjú ṣe. Tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ ní àbọ̀, àìsàn tó kù sínú rẹ̀ á tún gbérí, eyín náà á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ìyẹn ló jẹ́ pé tí àkókò kò bá tó, ó sàn kí wọ́n dí i fún ìgbà díẹ̀ kí aláìsàn padà wá lọ́jọ́ mìíràn.

Dókítà fẹ́ kí n kọ ìdí méjèèjì. Mo ní ká fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀. Òótọ́ ni, ó sì ń ná wọn lówó, àmọ́ wàhálà ilé ìwòsàn ni. Aláìsàn tó bá kà á yóò rò pé wọ́n ń ka iṣẹ́ wọn sí òun lọ́rùn. Ìdí kejì ni aláìsàn lè gbà mọ́ra, torí eyín rẹ̀ ni. Tí a bá sọ fún ẹnìkan pé "àkókò tó kù kò ní tó láti parí iṣẹ́ yín", ó ti mọ ohun tó máa pàdánù, kò sì sí ẹni tó bá a wí.

Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yìí tún ní ìdẹkùn kan tí mo ti rí níbi púpọ̀. Nígbà tí ọ̀dọ́bìnrin iwájú gbìyànjú láti mú kí ọ̀rọ̀ náà rọ̀, ó kọ ọ́ báyìí: "A ó dúró dè yín fún ìṣẹ́jú 15." Ó dùn ún gbọ́, ọ̀làwọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n tí o bá kọ bẹ́ẹ̀, aago 9:15 ló máa di àdéhùn. Ẹni tó ń ti Ìjẹ̀bú-Igbó bọ̀ yóò ka ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà mọ́ àkókò ìrìn rẹ̀, tí ọkọ̀ bá sì tún dúró díẹ̀ ní Òru, aago 9:30 ló máa dé. Nítorí náà a kò kọ pé a ó dúró. Aago tí a fẹ́ kí ènìyàn dé ni a kọ, ìyẹn 8:45, kí wọ́n lè rí àyè gba káàdì rẹ̀, kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀, kó sì jókòó sinmi. Aago kan ṣoṣo yìí ló hàn gedegbe lókè. Aago 9:15 wà nísàlẹ̀, nínú gbólóhùn tó sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ náà, kò sì jọ ẹ̀bùn àkókò rárá.

Ibi tí a ti jiyàn jù ni ọ̀rọ̀ owó. Nọ́ọ̀sì ní ká yọ ọ́ kúrò pátápátá, pé ṣebí wọ́n ti sọ ọ́ fún aláìsàn nígbà tó ń sanwó. Mo mọ ohun tó ń bẹ̀rù. Àwa Yorùbá kì í fẹ́ dárúkọ owó fún àgbà bí ẹni ń bá a ṣírò. Ṣùgbọ́n mi ò gbà fún un. Tí a bá fi owó pamọ́ nítorí kí ọ̀rọ̀ lè dùn, ọjọ́ tí ẹnìkan bá pàdánù ₦5,000 ni ìjà máa bẹ̀rẹ̀ lórí tábìlì iwájú, ẹni tó kéré jù níbẹ̀ ló sì máa jẹ ìyà rẹ̀. Ìwà tútù kò ní ká má sọ ojú abẹ níkòó. Bí a ṣe tò ó ló ṣe pàtàkì: ká kọ́kọ́ sọ bí owó náà ò ṣe ní sọnù, lẹ́yìn náà ká wá sọ, ní gbólóhùn kan tó yé ọmọdé, ìgbà tó máa sọnù. A yọ "wọgbó" kúrò. Èyí tó dun màmá gaàrí jù, ìyẹn "a kò ní gba àwáwí", a pa á rẹ́ láì fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀, torí pé ó ti pe ènìyàn ní opùrọ́ kó tó la ẹnu.

Ohun tó wá dípò rẹ̀ ni ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà sọ̀rọ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ àtijọ́ kò ní nọ́ńbà kankan nínú. Orúkọ ilé ìwòsàn ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ láti orí ìkànnì tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè fèsì sí irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó: a ní kí ẹni tí kò ní lè wá sọ fún wa, a ò sì fún un ní ibi tó máa sọ ọ́ sí. Nínú tuntun, a kọ nọ́ńbà, a sì kọ pé kí wọ́n pè tàbí kí wọ́n fíláàṣì. Ọ̀rọ̀ fíláàṣì yẹn, ọ̀dọ́bìnrin iwájú ló mú un wá, mo sì gbóríyìn fún un. Ẹni tí kò ní owó lórí fóònù rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú kò ní lè pè, ojú á sì tì í láti wí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ fíláàṣì kò ná an ní kọ́bọ̀, ilé ìwòsàn ló máa pè é padà.

Èyí ni àtẹ̀jíṣẹ́ Wọ́sáàpù tí a fẹnu kò lé lórí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe fi í ránṣẹ́ sí màmá gaàrí ní Ọjọ́ Ajé fún iṣẹ́ Ọjọ́rú:

"Ẹ kú ọjà o, Màmá. Láti ilé ìtọ́jú eyín ni. Dókítà ń retí yín ní Ọjọ́rú, aago 8:45 àárọ̀, láti parí gbòǹgbò eyín yín tí a ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ náà máa gbà tó wákàtí kan àti ààbọ̀. Tó bá ti kọjá aago 9:15 kí ẹ tó dé, àkókò kò ní tó láti parí rẹ̀ dáadáa. A ó yẹ eyín náà wò, a ó dí i fún ìgbà díẹ̀, a ó sì jọ mú ọjọ́ mìíràn.

Tí ọ̀nà bá dí tàbí tí nǹkan mìíràn bá yọjú, ẹ pè wá tàbí kí ẹ fíláàṣì wa lórí nọ́ńbà yìí. Tí a bá gbọ́ kí aago 5 ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó lù, ₦5,000 tí ẹ san sílẹ̀ á tẹ̀ lé yín lọ sí ọjọ́ tuntun. Tí a kò bá gbọ́, tí a kò sì rí yín, owó náà ti bá àyè ọjọ́ yẹn lọ, a ó sì gba àsansílẹ̀ mìíràn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹun kí ẹ tó wá. Ó di Ọjọ́rú o."

Gbólóhùn oúnjẹ tó wà níparí yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa ń kú fún wákàtí mélòó kan, ènìyàn á sì lè bu ara rẹ̀ jẹ láì mọ̀, nítorí náà ó dára kó ti jẹun ṣáájú. Àmọ́ mo fi í sí ìparí nítorí ohun mìíràn pẹ̀lú: n kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ owó jẹ́ ohun tí màmá máa gbọ́ kẹ́yìn.

Ẹ ó rí i pé a kò kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí nǹkan dé bá ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an, bí ìgbà tí ọmọ bá ṣàìsàn tàbí tí òkú bá ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí. Dókítà ní ètò fún un: tí ẹni náà bá pè, òun lè yọ̀ǹda àsansílẹ̀ náà. Ọwọ́ ọ̀dọ́bìnrin iwájú ni a fi agbára yẹn sí, kó má baà di pé ó ń wá dókítà kiri kó tó fèsì. Tí a bá kọ gbogbo èyí sínú àtẹ̀jíṣẹ́, á gùn, ènìyàn á sì máa wá ibi tí tirẹ̀ ti bá a mu. Àánú yẹ kó wà lẹ́nu ẹni tó ń gbé fóònù. Àtẹ̀jíṣẹ́ kàn ní láti jẹ́ kí ènìyàn lè pe ẹni náà láìbẹ̀rù.

Orúkọ tún wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà wọn máa ń fa orúkọ aláìsàn yọ bó ṣe wà nínú ìwé, yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àtẹ̀jíṣẹ́. Báyìí ni ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún lé ṣe ń rí orúkọ àbísọ rẹ̀ gan-an, láì sí "Màmá", láì sí "Alhájà", kí ọ̀rọ̀ òfin tó tẹ̀ lé e. Bí ó ti wù kí ìyókù tutù tó, ó ti bàjẹ́ níbẹ̀. A fi àyè kan kún ìwé ìgbàsílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ bí ẹni náà ṣe fẹ́ kí a máa pe òun. Màmá, Alhájì, Olóyè, Pásítọ̀, Àǹtí, ohunkóhun tó bá sọ. Ọ̀dọ́bìnrin iwájú máa ń bi wọ́n ní ọjọ́ àkọ́kọ́, inú àwọn àgbà sì máa ń dùn sí ìbéèrè náà.

Àwọn tí kò ní Wọ́sáàpù kò kéré, pàápàá láàrin àwọn àgbà. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ni tiwọn, ibẹ̀ sì ni iye ọ̀rọ̀ ti di owó. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò ní ju lẹ́tà ìpìlẹ̀ lọ máa ń gba 160 lẹ́tà lójú-ewé kan. Tí ẹyọ lẹ́tà kan ṣoṣo bíi ẹ, ọ tàbí ṣ bá ti wọ inú rẹ̀, ojú-ewé náà á sọ̀ kalẹ̀ sí 70, tó bá sì ju ojú-ewé kan lọ, 67 péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan máa gbà. Àwọn kan á ní ká yọ àmì kúrò. Mi ò fara mọ́ ọn, torí ẹni tó ń ka òfin owó gbọ́dọ̀ kà á láì ṣiyèméjì. Ohun tí a ṣe ni pé a kò gbé òfin sínú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí rárá. Ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ọ́ fún wọn nígbà tí wọ́n bá ń mú ọjọ́, wọ́n sì ń kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì wọn. Àtẹ̀jíṣẹ́ kàn ń sọ pé:

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Dókítà eyín ń retí yín ní Ọjọ́rú, aago 8:45 àárọ̀. Tí ẹ ò bá ní lè wá tàbí ẹ máa pẹ́, ẹ fíláàṣì" — nọ́ńbà á sì tẹ̀ lé e.

Ojú-ewé méjì ló gbà, ó sì tó.

Mo rọ̀ wọ́n gidigidi pé, yálà Wọ́sáàpù ni o tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ lásán, ìránnilétí kò gbọdọ̀ jẹ́ ibi àkọ́kọ́ tí ènìyàn á ti gbọ́ òfin. Òfin tí a kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́yìn tí a ti sanwó tán máa ń jọ ẹ̀tàn, kò sí ọ̀rọ̀ dídùn tó lè wẹ̀ ẹ́ mọ́. Bákan náà ni àkókò tí wọ́n fi ránṣẹ́. Èyí tó ní òfin nínú máa ń lọ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, nígbà tí ènìyàn ṣì lè ṣe nǹkan sí i. Tí wọ́n bá tún ránṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, aago àti nọ́ńbà nìkan ló ń wà nínú rẹ̀. Kí ni àǹfààní kí a sọ fún ẹni tó ti wà nínú ọkọ̀ pé àná ló yẹ kó ti pè?

Nígbà tí a yẹ ìwé àwọn tí kò wá tẹ́lẹ̀ wò, a rí nǹkan kan tó yí ojú tí dókítà fi ń wò wọ́n padà. Ìkànnì tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ máa ń sọ bóyá àtẹ̀jíṣẹ́ dé tàbí kò dé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń wo ibẹ̀. Nínú àwọn tí wọ́n kà sí aláìbìkítà, àwọn kan wà tí àtẹ̀jíṣẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Wọ́n ti fi 2442 dí fóònù wọn kí àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó má baà máa wọlé, ọ̀nà tí ilé ìwòsàn sì ń gbà ránṣẹ́ jẹ́ ti ìpolówó. Ẹ ò lè dá irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Láti ìgbà náà, ọ̀dọ́bìnrin iwájú máa ń wo àbọ̀ lẹ́yìn tó bá ránṣẹ́ tán, ẹni tí tirẹ̀ kò bá dé, ó ń pè é. Dókítà náà sì pàṣẹ pé wọn kò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé àsansílẹ̀ ẹnikẹ́ni tí kò bá sí ẹ̀rí pé ìránnilétí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Màmá gaàrí kò lè wá ní Ọjọ́rú yẹn. Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló fíláàṣì. Wọ́n pè é padà, ó ní ọkọ̀ tó ń kó gaàrí bọ̀ máa já ẹrù ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òun ò sì lè fi ọjà sílẹ̀ fún ọmọdé. Ọ̀dọ́bìnrin iwájú dá a lóhùn pé, "Kò sí wàhálà, mà. Owó yín ṣì wà níbẹ̀. Ṣé Ọjọ́ Ẹtì á rọ̀ yín lọ́rùn?" Wọ́n mú Ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tó wà lórí ìwé ìdúródè, tí eyín ti ń dùn, ni wọ́n pè sí àyè Ọjọ́rú.

Ọkùnrin kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó ló jẹ́ kí a mọ̀ pé apá tó le nínú ọ̀rọ̀ náà ń ṣiṣẹ́. Ó dé ní aago 9:25, kò sì pè ṣáájú. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ó mú ohùn sókè díẹ̀, ó yọ fóònù jáde láti fi ohun tí wọ́n kọ sí i han wọ́n. Ó kà á, ó dúró níbi "a ó dí i fún ìgbà díẹ̀", ó ní, "Ẹ kúkú ti sọ ọ́." Wọ́n yẹ eyín rẹ̀ wò, wọ́n dí i, wọ́n mú ọjọ́ mìíràn. Ohun tí nọ́ọ̀sì fẹnu sọ fún un kò yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú fóònù rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ náà sórí bébà, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn tábìlì iwájú, kí gbogbo wọn máa sọ ọ́ bákan náà.

Ibì kan wà tí àtẹ̀jíṣẹ́ kò lè dé, bí ó ti wù kí a kọ ọ́ tó. Àwọn díẹ̀ ṣì wà tí wọn kì í wá, tí wọn kì í sì í sọ, tí ìránnilétí sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Dókítà fẹ́ kí n bá òun kọ èyí tó le sí i fún àwọn yẹn. A ò kọ ọ́. Ẹni tó bá já àdéhùn lẹ́ẹ̀mẹta, dókítà fúnra rẹ̀ ló ń pè é báyìí, ó ń bi í léèrè ohun tó ń dí i lọ́wọ́. Fún àwọn kan, ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ni, wọn ò kàn lè sọ ọ́. Fún àwọn tó kù, wọn kì í mú àyè iṣẹ́ gígùn fún wọn mọ́. Wọ́n ń sọ fún wọn pé kí wọ́n wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó bá wù wọ́n, kí wọ́n jókòó de ìgbà tí àga bá ṣófo.

Fún ọ̀sẹ̀ Iléyá, ètò mìíràn ni wọ́n ń lò. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, ọ̀nà tó lọ sí àgbègbè ààfin máa ń kún fún ẹṣin, ọkọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí. Wọn kì í mú iṣẹ́ gbòǹgbò eyín sí ọjọ́ yẹn rárá. Àwọn tó bá ní àdéhùn láàrin ọ̀sẹ̀ náà, ìránnilétí wọn ń lọ kí Iléyá tó dé, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Iléyá ni wọ́n sì kọ sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìgbà ìkẹyìn tí ènìyàn lè yí ọjọ́ padà, torí pé lẹ́yìn ìyẹn, kò ní sí ẹni tó máa gbé fóònù níwájú títí ọdún Iléyá yóò fi parí.